Ìnfọ́ìsì dìsáínà: níbo ni 100,000 náírà ti wá?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Dìsáínà ni mí ní Ìkòròdú, ara mi ni mò ń ṣiṣẹ́ fún. Mo ṣe lógò àti lébẹ́ẹ̀lì ìgò fún ìyá kan tí ó ń ta sóbò. 5,000 náírà ni a fi wákàtí kan sí, ó sì san 60,000 sílẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo fi èyí ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù: 'Wákàtí 26 × 5,000 = 130,000. Àtúnṣe 3 × 10,000 = 30,000. Àpapọ̀ 160,000. Ẹ ti san 60,000. Ó ku 100,000.' Ìyá náà bínú, ó ní 60,000 péré ni ó kù. Ṣé èmi ni mo ṣe àṣìṣe, àbí kí n di fáìlì rẹ̀ mú títí yóò fi san án?"

Àbúrò mi, o rántí pé kí n tó fèsì, mo ní kí o fi ohun méjì ránṣẹ́ sí mi: ìwé tí o ń kọ wákàtí iṣẹ́ rẹ sí, àti ọ̀rọ̀ tí ìwọ àti ìyá náà jọ sọ lọ́jọ́ tí ẹ ń dá iye owó. Mo dúpẹ́ pé o fi méjèèjì ránṣẹ́, nítorí pé inú wọn ni ìjà yìí ti wá, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí ó hàn nínú ìnfọ́ìsì rẹ. Ìsọdipúpọ̀ rẹ tọ̀nà, ìyọkúrò rẹ náà tọ̀nà. Ohun tí o kó sínú ìṣirò náà ni kò tọ̀nà. Ìyá náà kò jàre tán, ìwọ náà kò jàre tán. Nígbà tí mo jókòó ti ìwé méjèèjì, 65,000 náírà ni mo rí pé ó yẹ kí ó kù, n ó sì ṣàlàyé bí mo ṣe dé ibẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, kí ìwọ fúnra rẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá mo jìn sí kòtò níbì kan.

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ wá ibi tí ìyá náà ti rí 60,000 tirẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ń pe dìsáínà rẹ̀ ní ẹlẹ́tàn sábà máa ń ní iye kan lọ́kàn tí ó dá a lójú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun tí o kọ sí i nìyí: "Ó lè gba tó wákàtí 24. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ san ìdajì sílẹ̀ kí n lè bẹ̀rẹ̀." Wákàtí 24 ní 5,000 jẹ́ 120,000, ìdajì rẹ̀ sì ni 60,000 tí ó san. Ìfojúbù lásán ni ọ̀rọ̀ náà lójú rẹ, nítorí pé "ó lè gba" ni o kọ. Ṣùgbọ́n etí oníbàárà kì í gbọ́ "ó lè". Ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ ni "ìdajì", kò sì sí bí nǹkan ṣe lè ní ìdajì bí kò bá ní odindi. Láti ọjọ́ náà ni 120,000 ti di iye owó iṣẹ́ lọ́kàn rẹ̀, tí 60,000 sì di ohun tí ó ń tọ́jú pa mọ́ dè ọ́. Nígbà tí 100,000 wá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣáájú rẹ̀, ojú ẹni tí wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n tún padà wá ni ó fi wo ọ̀rọ̀ náà. Bí o bá tún ṣe irú iṣẹ́ yìí, má ṣe pe àsansílẹ̀ ní ìdajì níwọ̀n ìgbà tí wákàtí lo fi ń gba owó. Pè é ní iye tí ó jẹ́: "Ẹ san 60,000 sílẹ̀, a ó yọ ọ́ nínú àpapọ̀ tí iṣẹ́ bá parí." Kí o sì kọ ọ́ sí i pé tí wákàtí bá fẹ́ kọjá 24, wà á sọ fún un kí o tó tẹ̀síwájú. Ìyẹn nìkan ì bá ti gbà ọ́ lọ́wọ́ ìdajì ariwo yìí.

Ó tó àkókò kí a wo wákàtí náà. Nínú ìwé rẹ, 26 náà pín báyìí. Wákàtí 15 lọ sórí ìwádìí, lógò àti lébẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́. Wákàtí 4 lọ sórí àtúnṣe kìíní àti ìkejì. Àtúnṣe kẹta, tí ìyá náà ní kí o yí àwọ̀ pupa ìṣápá padà sí èyí tí ó dúdú díẹ̀, gba wákàtí 2. Ìkẹrin gba wákàtí 1, ìkarùn-ún sì gba 4. Bí o bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 26 ni yóò jẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wo àtúnṣe mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn: 2, 1 àti 4 jẹ́ wákàtí 7, inú 26 sì ni gbogbo wọn wà. O ti gba 35,000 náírà lórí wákàtí 7 náà, o tún wá gba 30,000 lórí iṣẹ́ kan náà lábẹ́ orúkọ "àtúnṣe". Owó ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyẹn lórí iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Mo mọ̀ pé o kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bí o ṣe kọ ìnfọ́ìsì náà ni kò jẹ́ kí ó hàn sí ọ, nítorí pé ìlà kan péré ni o kọ fún wákàtí, ẹni tí ó bá sì rí "wákàtí 26" kò lè mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ìyá náà pàápàá kò rí i. Ó kàn mọ̀ ọ́n lára pé owó náà pọ̀ jù ni.

Mo ní láti sọ ibi tí owó àtúnṣe ti wá, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ dìsáínà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ lórí fọ́nrán máa ń gbé e láti ibì kan lọ sí ibòmíràn tí kò bá a mu. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Ṣómólú, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí, kò sí ẹni tí ó ń gba owó ní wákàtí. Iye kan ni wọ́n máa ń dá: lébẹ́ẹ̀lì jẹ́ báyìí, káàdì jẹ́ báyìí, ó tán. Nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, dìsáínà ni ó ru ewu. Tí oníbàárà bá ní kí o yí i padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, owó kan náà ni wà á gbà, oorun rẹ ni yóò sì jẹ. Owó àtúnṣe ni odi tí a mọ sí ojú ọ̀nà yẹn: méjì wà nínú owó, tí ó bá kọjá méjì, a ó gba nǹkan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú iṣẹ́ wákàtí, oníbàárà ni ó ru ewu náà. Bí ó bá ń yí ọkàn padà, aago ń lọ, owó sì ń pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Kò sí ewu kankan tí owó àtúnṣe ń dáàbò bò ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé wákàtí ti ṣe iṣẹ́ náà. Bí o bá wá da méjèèjì pọ̀, ńṣe ni ó dà bí kí awakọ̀ gba owó gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ṣe jìn sí, kí ó tún máa gba owó lórí igun kọ̀ọ̀kan tí èrò ní kí ó yà.

Èmi náà ti jẹ nínú ẹ̀fọ́ yìí rí. Ilé iṣẹ́ kan fún mi ní ìwé pélébé tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn oníbàárà wọn, mo gba owó wákàtí, mo sì fi owó àtúnṣe kún un. Akọ̀wé owó wọn kò bá mi jà. Ó kàn kọ̀wé béèrè pé, "Àtúnṣe mẹ́rin yìí, ọjọ́ wo ni ẹ ṣe wọ́n, ṣé inú wákàtí tí ẹ kọ sókè ni àbí ìta rẹ̀?" Mi ò lè dáhùn, nítorí pé n kò kọ ọjọ́ sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni owó mi fi wà lórí tábìlì rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ọjọ́, aago tí mo bẹ̀rẹ̀, aago tí mo dúró àti ohun tí mo ṣe, ìlà kan fún ìjókòó kan. Mo rí i pé ìwọ náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, o sì ń yọ àkókò tí iná bá lọ kúrò. Ó wú mi lórí. Ìwé yẹn ni ó jẹ́ kí n lè tú ọ̀rọ̀ yìí ká láìjẹ́ pé mò ń méfò.

Ìbéèrè kan wà tí ó le díẹ̀ níbí: àtúnṣe méjì àkọ́kọ́ tí ó gba wákàtí 4, ṣé ó yẹ kí o gba owó lórí wọn? Ohun tí o kọ sí ìyá náà ni pé, "Àtúnṣe méjì wà nínú iṣẹ́, láti ìkẹta lọ, 10,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan." Ó fèsì pé, "Ó dáa." Tí ó bá jẹ́ pé "àtúnṣe méjì jẹ́ ọ̀fẹ́" ni o kọ, n ó sọ pé kí o yọ wákàtí 4 náà kúrò kíákíá, nítorí pé ohun tí a bá pè ní ọ̀fẹ́ kò lè tún ní 20,000 náírà lórí. Ṣùgbọ́n "wà nínú iṣẹ́" ni o kọ, iṣẹ́ náà sì ni ẹ jọ fi wákàtí díwọ̀n. Lójú tèmi, wákàtí 4 náà dúró. N kò ní sọ pé kò sí bí ẹlòmíràn ṣe lè kà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ jà lè sọ pé ohun tí "wà nínú iṣẹ́" ń sọ ni pé kò ní sí owó lórí wọn, àwọn agbẹjọ́rò sì máa ń sọ pé tí ọ̀rọ̀ àdéhùn bá ní ìtumọ̀ méjì, ẹni tí ó kọ ọ́ ni a máa ń kà á mọ́ lọ́rùn. Ìwọ ni o kọ ọ́. Tí ìyá náà bá gbé e dìde, má ṣe bá a ṣe agídí lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò tíì gbé e dìde, n kò sì rí ìdí tí wà á fi yọ ọ́ fúnra rẹ.

Àtúnṣe mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn ni ibi tí mo ti lo àkókò jù, nítorí pé orúkọ kan náà ni o fún wọn, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Ìkẹta jẹ́ àtúnṣe ní tòótọ́. Ìyá náà ti rí àwọ̀ náà, ó ti gbà á, ó wá yí ọkàn padà. Irú èyí gan-an ni ẹ jọ ní 10,000 lọ́kàn fún, gba 10,000 rẹ, kí o sì yọ wákàtí 2 rẹ̀ kúrò nínú iye wákàtí kí ó má baà di ẹ̀ẹ̀mejì.

Ìkẹrin kì í ṣe àtúnṣe rárá. Mo ka ọ̀rọ̀ náà lórí Wasáàpù yín: ìyá náà fi nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ ránṣẹ́, o sì fi 6 sí ibi tí 9 wà nígbà tí ò ń tẹ̀ ẹ́ sórí lébẹ́ẹ̀lì. Òun ni ó rí i, òun ni ó sì sọ fún ọ. Àṣìṣe rẹ ni ìyẹn, oníbàárà kì í sì í sanwó àṣìṣe dìsáínà, yálà ní owó àtúnṣe ni tàbí ní wákàtí. Kódà, ó yẹ kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní lébẹ́ẹ̀lì náà ti lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé kí ó tó rí i ni, gbogbo bébà tí wọ́n bá ti tẹ̀ ni yóò ṣòfò, nítorí pé nọ́ńbà oúnjẹ kì í ṣe ohun tí a lè fi bírò tún ṣe lórí ìgò. Mo fura pé ìlà yìí ni ó bí ìyá náà nínú jù lọ, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́. Ó rí "àtúnṣe 3", ó kà wọ́n lórí ìka, ó sì bá èyí tí òun fúnra rẹ̀ tọ́ka sí fún ọ níbẹ̀ pẹ̀lú 10,000 lórí.

Ìkarùn-ún náà kì í ṣe àtúnṣe, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni ó gbà yàtọ̀. Ìgò 50 sẹ̀ǹtílítà ni ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí iṣẹ́ ti ń parí lọ, ìyá náà ní òun fẹ́ lébẹ́ẹ̀lì fún ìgò 35 sẹ̀ǹtílítà pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí yóò rò pé kí a kàn fún àwòrán náà pọ̀ ni, kí ó kéré. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgò kékeré kò sanra tó ti ńlá, kò sì ga tó o, nítorí náà gígùn àti ìbú lébẹ́ẹ̀lì kò ní jọ dínkù ní ìwọ̀n kan náà. Bí o bá kàn fún un, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ìwọ̀n ohun mímu àti àwọn èròjà rẹ̀ yóò kéré débi pé ojú kò ní lè kà wọ́n. O ní láti tún gbogbo rẹ̀ tò, kí o sì tún fi etí 3 mílímítà sílẹ̀ yí i ká kí ọ̀bẹ atẹ̀wé má baà gé ọ̀rọ̀. Wákàtí 4 kò pọ̀ jù fún un. Iṣẹ́ tuntun ni, ó sì ti di lébẹ́ẹ̀lì kejì tí ìyá náà yóò máa lò lọ́tọ̀. Nígbà tí ó béèrè fún un, ìdáhùn rẹ ni pé, "Ó dáa mà, n ó fi kún un." O kò pè é ní àtúnṣe, o kò sì dárúkọ owó. Níwọ̀n bí o kò ti dárúkọ iye mìíràn, iye tí ẹ ti jọ mọ̀ ni yóò dúró, ìyẹn 5,000 ní wákàtí, tí ó jẹ́ 20,000. Pípè tí o wá pè é ní àtúnṣe nínú ìnfọ́ìsì ni ó ṣì ọ́ lọ́nà.

Jẹ́ kí a wá rò ó pọ̀. Wákàtí 15 ti ìbẹ̀rẹ̀, 4 ti àtúnṣe méjì àkọ́kọ́ àti 4 ti ìgò kékeré jẹ́ wákàtí 23. Ní 5,000, ó jẹ́ 115,000. Àtúnṣe kẹta jẹ́ 10,000. Àpapọ̀ jẹ́ 125,000. Yọ 60,000 tí ó ti san kúrò, ó ku 65,000. Mo tún fi ọ̀nà kejì dán an wò, bí ẹni pé kò sí owó àtúnṣe nínú àdéhùn yín rárá, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí. 26 dín 1 ti àṣìṣe rẹ jẹ́ 25, ó jẹ́ 125,000, ó sì tún ku 65,000. Má ṣe rò pé ọ̀nà méjèèjì yóò máa pàdé báyìí nígbà gbogbo. Wọ́n pàdé lónìí nítorí pé àtúnṣe kẹta ṣe kòńgẹ́ wákàtí 2. Ká ní ìṣẹ́jú 20 ni ó gbà ọ́ ni, owó àtúnṣe ì bá jẹ́ kí o jèrè, ká ní ó gba wákàtí 5 ni, ì bá mú ọ pàdánù. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń yan ọ̀kan ṣoṣo kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Fún oníbàárà tí ó mọ ohun tí ó fẹ́, wákàtí dára. Fún ẹni tí ó ń ṣòwò kékeré, tí owó tí yóò ná gbọ́dọ̀ hàn sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, bíi ti ìyá onísóbò yìí, iye kan tí a dá lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú owó àtúnṣe ni ó tù ú lára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ ni ó máa ń nira fún nígbà míràn.

Kíyè sí i pé àpapọ̀ 125,000 yìí fi 5,000 péré ju 120,000 tí ìyá náà ní lọ́kàn lọ, láìka pé ó tún gba lébẹ́ẹ̀lì kejì tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ìwọ ń béèrè 100,000, ó ń sọ pé 60,000. Ẹ kò jìnnà síra tó bí ẹ ṣe rò.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ìlà àsansílẹ̀ náà. "Ẹ ti san 60,000" kò tó. Kọ ọjọ́ tí owó wọlé àti orúkọ tí ó wà lórí àkáǹtì tí ó ti wá, pàápàá nígbà tí mo rí i pé láti àkáǹtì ọmọ rẹ̀ ni ìyá náà ti fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá ń wo owó tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé 60,000 méjì ni wọ́n ti san. Kọ iye tí oníbàárà fi ránṣẹ́, kì í ṣe iye tí ó kù sí ọ lọ́wọ́. Nígbà tí ilé ìfowópamọ́ máa ń yọ 50 náírà lára ẹni tí ó gba owó tí ó bá tó 10,000, mo mọ dìsáínà kan tí ó kọ 59,950 sínú ìnfọ́ìsì. Ọ̀sẹ̀ kan ni òun àti oníbàárà rẹ̀ fi ṣàríyànjiyàn lórí 50 náírà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí ìlà àsansílẹ̀ wà, lẹ́yìn àpapọ̀. Má ṣe yọ ọ́ láàárín, má sì ṣe sọ ọ́ di wákàtí, bíi kí o kọ pé ó ti san wákàtí 12. Oníbàárà fẹ́ rí odindi owó iṣẹ́ lójú kan, kí ó tún rí owó tirẹ̀ tí ń bọ́ kúrò nínú rẹ̀.

Bí èmi ni mo fẹ́ kọ ọ́, ohun tí n ó fi ránṣẹ́ nìyí, n kò sì ní pa ìnfọ́ìsì àkọ́kọ́ rẹ́, kí ó má baà dà bí ẹni pé mò ń fi nǹkan pa mọ́:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ti tún ìnfọ́ìsì wò, mo rí i pé mo ka àwọn wákàtí kan lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi àṣìṣe mi lórí nọ́ńbà NAFDAC kún un. Ẹ má bínú. Èyí ni ó rọ́pò ti àkọ́kọ́. Lógò àti lébẹ́ẹ̀lì ìgò ńlá: wákàtí 15, 75,000. Àtúnṣe méjì tí ó wà nínú iṣẹ́: wákàtí 4, 20,000. Lébẹ́ẹ̀lì ìgò kékeré tí ẹ ní kí n fi kún un: wákàtí 4, 20,000. Yíyí àwọ̀ padà, àtúnṣe kẹta: 10,000. Àtúnṣe nọ́ńbà NAFDAC: kò sí owó. Àpapọ̀: 125,000. Àsansílẹ̀ tí ó wá láti àkáǹtì ọmọ yín: 60,000. Ó ku: 65,000. Mo ti fi ìwé wákàtí mi sí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wò ó, tí ìlà kan kò bá yé yín, kí ẹ pè mí."

Fi nọ́ńbà ìnfọ́ìsì, ọjọ́ àsansílẹ̀ náà, ọjọ́ tí o retí owó àti àkáǹtì rẹ sí i. N kò kọ wọ́n síbí nítorí pé tìrẹ ni. Àforíjì tí ó wà lókè yẹn lè dà bí ẹni pé o ń rẹ ara rẹ sílẹ̀. Mo rò ó dáadáa kí n tó fi sí i. Bí o bá fi iye tuntun ránṣẹ́ láìsọ ìdí tí ó fi yí padà, ìyá náà yóò rò pé ariwo rẹ̀ ni ó mú owó wálẹ̀, yóò sì tún pariwo sí i. Bí o bá sọ ohun tí o ṣì, ohun tí ó ṣẹ́ kù yóò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró.

O béèrè bóyá kí o di fáìlì mú. Pẹ̀lú ìnfọ́ìsì 100,000, n kò gbà ọ́ nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbèsè tí kò jẹ́ tirẹ̀ ni ò ń fi fáìlì dúró lé lórí. Pẹ̀lú 65,000, ó yàtọ̀. O ti fi àwòrán méjèèjì hàn án, ohun tí ó kù ni fáìlì tí atẹ̀wé yóò lò, ó sì wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ wa pé kí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́yìn tí owó bá pé. Ìṣòro rẹ ni pé o kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí n ó ṣe ni pé n ó fún un ní ti ìgò ńlá nísinsìnyí, nítorí pé 60,000 tí ó san ti bo apá púpọ̀ nínú rẹ̀, n ó sì sọ fún un pé ti ìgò kékeré yóò tẹ̀ lé e tí owó bá wọlé. Kì í ṣe gbogbo dìsáínà ni yóò gbà pẹ̀lú mi lórí èyí. Àwọn kan á sọ pé mo ń ju ọ̀bẹ sílẹ̀ nígbà tí ìjà kò tíì parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ta sóbò gbọ́dọ̀ tẹ lébẹ́ẹ̀lì kí ó tó lè rí owó tí yóò fi san tìrẹ.

Ní ti ilé ẹjọ́, Èkó ní ẹ̀ka tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kékeré láti 2018, fún gbèsè tí kò bá ju 5 mílíọ̀nù náírà lọ, o sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ìwé béèrè owó sí ẹni tí ó jẹ ọ́. N kì í ṣe agbẹjọ́rò, n kò sì lè sọ bí ẹjọ́ rẹ yóò ṣe rí. Mo kàn mọ̀ pé iye tí ó ṣe pàtó ni wọ́n fẹ́ gbọ́ níbẹ̀, ìnfọ́ìsì tí ó ka wákàtí lẹ́ẹ̀mejì yóò sì já lulẹ̀ ní ìbéèrè àkọ́kọ́. Nítorí 65,000 lápapọ̀, tàbí 5,000 tí ẹ fi yàtọ̀ síra, èmi kò ní gba ibẹ̀.

Ohun tí n kò lè mọ̀ ni ohun tí ẹ sọ lórí fóònù. Wasáàpù nìkan ni mo kà. Bí o bá sọ fún ìyá náà lẹ́nu pé ìgò kékeré yóò wà lára àtúnṣe, 10,000 ni yóò jẹ́, kì í ṣe 20,000, iye tí ó kù yóò sì wá sí 55,000. Ìwọ ni o mọ̀. Bí ó bá sì fèsì lẹ́yìn tí ó bá rí ìnfọ́ìsì tuntun pé òun yóò san 60,000 lónìí kí ọ̀rọ̀ tán, gbà á. Kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀ pé o dín 5,000 kù, kí 125,000 má baà parẹ́ nínú ìwé rẹ. Kí o sì fèsì fún un pé, "Owó pé mà, kò ku nǹkan kan," kí o tó fi fáìlì ìgò kékeré ránṣẹ́.